Bí A Ṣe Ń Dá Ìkíni Haúsá Lóhùn Nígbà Tí A Kò Gbọ́ Èdè Náà Tán

Ìbéèrè: Oúnjẹ ni mo ń tà nílùú Ìlọrin, ọjà Ìpàta ni mo sì ti ń ra àlùbọ́sà. Bàbá Haúsá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kí mi ní èdè mìíràn ju tirẹ̀ lọ. Bí mo bá ti ní "lafiya", Haúsá ni yóò máa dà lé mi lórí títí n ó fi dákẹ́, tí àwọn tó wà nítòsí á sì máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá fi Yorùbá dáhùn, á dà bí ẹni pé mo kọ ìkíni rẹ̀. Kí ni kí n máa sọ tí ojú kò fi ní í tì mí?

Ìdáhùn: Ìkíni Haúsá ní ibi tó ti ń parí. Nítorí pé ẹ kò tíì dá ibẹ̀ mọ̀ ni "lafiya" yín fi ń já sínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Bí ẹ bá mọ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni àti ohun tó ń parí rẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹ gbọ́ yẹn á tó yín lò.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìkíni tiwa wò ó. Ẹni tó bá bi yín pé "Àwọn ọmọ ń kọ́?" ń retí pé kí ẹ ní àlàáfíà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "Ẹ kú iṣẹ́" kò bi yín léèrè ohunkóhun, "Oo, ẹ ṣé" ló ń retí. Bí Haúsá náà ṣe rí nìyẹn. "Ina" àti "Yaya" ni "ń kọ́" tiwọn, àmọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. "Ina kwana?" láàárọ̀ túmọ̀ sí pé oorun alẹ́ àná ń kọ́, "Ina wuni?" ni wọ́n ń lò bí ọjọ́ bá ti yẹ̀ sí ọ̀sán, "Yaya iyali?" sì túmọ̀ sí pé ará ilé ń kọ́. "Lafiya lau" ni ẹ ó fi dá gbogbo wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà tí a ti rí "àlàáfíà" ni Haúsá ti rí "lafiya".

"Sannu" ní tirẹ̀ ni "ẹ kú". Bí wọ́n bá ní "Sannu da aiki", ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá ní "Sannu da zuwa", ẹ káàbọ̀ ni. "Yauwa" ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ sì lè dá a padà pé "Yauwa, sannu." Bí ẹ bá fi "lafiya" dáhùn "sannu", ẹ dà bí ẹni tí wọ́n kí ní "ẹ kú iṣẹ́" tó wá ń dáhùn pé àlàáfíà ni wọ́n wà.

Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ina" àti "Yaya", díẹ̀ ní ìdáhùn tiwọn. "Ina gajiya?" ń béèrè àárẹ̀, "Ba gajiya" ni wọ́n sì fi ń dáhùn, ìyẹn ni pé kò sí àárẹ̀. Bí ara yín kò bá yá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, "Yaya jiki?" ni wọn yóò fi béèrè ara, "Da sauki" ni ẹ ó sì wí, pé ó ti ń fúyẹ́. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ lẹ́yìn "Yaya", ẹ dáhùn pé "Alhamdu lillahi". Bí ẹ bá jẹ́ onígbàgbọ́, "Mun gode wa Allah", a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ibi tí ewu wà ni "Ina", nítorí pé òun náà ni wọ́n fi ń béèrè ibi tí nǹkan wà. Nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Kàtsínà, tí n kò tíì di olùkọ́ Haúsá rárá, mo dá ọlọ́kadà kan dúró, ó sì bi mí pé, "Ina za ka?" Mo fi ọ̀yàyà dáhùn pé, "Lafiya lau." Ó wò mí, ó tún un bi, mo sì tún ní "lafiya lau", mo tiẹ̀ fi ẹ̀rín kún un. Ibi tí mò ń lọ ló ń béèrè! Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "Ina" ni kí ẹ fetí sí. Bí ó bá jẹ́ "kwana", "wuni" tàbí "gajiya", ìkíni ni. Bí ẹ bá gbọ́ "za ki", tí í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún obìnrin níbi tí wọ́n ti sọ "za ka" fún mi, ibi tí ẹ ń lọ ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìsọ̀ bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí i, nítorí pé ẹ̀yin lẹ kéré, ẹ̀yin lẹ sì dé bá a. Bí ẹ bá sì ti ṣíwájú, ìdáhùn tí ẹ ti mọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe fún àgbà, kí ẹ ní, "Baba, ina kwana?" Òun á ní, "Lafiya lau. Ina gajiya?" Ẹ ní, "Ba gajiya." Ó ní, "Yaya iyali?" Ẹ ní, "Lafiya lau." Ó wá ní, "To, madalla." Ẹ di "madalla" yẹn mú, nítorí pé òun ló sábà máa ń ti ilẹ̀kùn ìkíni, ó dà bí ìgbà tí àwa bá ní "ó dáa". Ohun tó bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ọjà ni, bí àpẹẹrẹ "Me za ki saya?", kí ni ẹ fẹ́ rà. Ẹ má fi "lafiya" kankan dá ìyẹn lóhùn mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti sọ ibi tí ìmọ̀ yín mọ: "Baba, ina jin Hausa kadan." Mo gbọ́ Haúsá díẹ̀ ni. Bí àwa ti ń sọ pé a "gbọ́" èdè ni àwọn náà ń sọ ọ́, nítorí pé "ji" ni gbígbọ́. Bí ẹ bá sọ gbólóhùn yìí kí ìkíni tó parí, á dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ sá. Bí ẹ bá sì kọ́ ọ dé ibi tó ń yọ̀ lẹ́nu yín ju bó ti yẹ lọ, bàbá kò ní í gbà yín gbọ́, Haúsá náà ni yóò sì máa sọ lọ. Ẹ rọra wí i, kí ẹ sì bọ́ sínú Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Bàbá, àlùbọ́sà ni mo wá rà, èló ni ẹ ń ta apẹ̀rẹ̀ kan lónìí?" Ìlọrin ni a wà, ìlú tí Balógun Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú balógun mẹ́rin rẹ̀, ó sì ṣòro kí ẹni tó ń pa owó ní Ìpàta lójoojúmọ́ má gbọ́ Yorùbá tí wọ́n fi ń dúnàá dúrà. Kò ní í kà á sí àfojúdi, torí pé ẹ ti dá ìkíni rẹ̀ lóhùn tán pátá.

Ó ku ìdágbére. Bí ó bá ní "Sai an jima", ó dìgbóṣe, ẹ ní "Yauwa, sai an jima." Bí ó bá ní "Sai gobe", ó dọ̀la, ẹ dáhùn pé "Allah ya kai mu", kí Ọlọ́run mú wa débẹ̀, kí ẹ sì gbé àlùbọ́sà yín.