Ojú ìwé kan fún onílàjà

*Ìbéèrè: Onílàjà ní kí n kọ ẹjọ́ mi sí ojú ìwé kan ṣoṣo ṣáájú ọjọ́ ìjókòó. Kápẹ́ńtà tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù mi ni a jọ ń fà á. Èyí tí mo kọ ti di ojú ìwé mẹ́sàn-án. Kí ni kí n yọ?*

Ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ tọ́jú mẹ́sàn-án náà, kí ẹ mú ìwé tuntun. Lẹ́yìn orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ní gbólóhùn kan: “Mo fẹ́ kó tún ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó dá owó tí màá fi gbé ẹlòmíràn wá padà.” Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń dé iwájú mi ló sọ ìtàn tán láìsọ ohun tí ẹni náà ń béèrè.

Ọjọ́ ló kàn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rí. Bí i márùn-ún ti tó:

3 Oṣù Kẹta: a fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ilẹ̀kùn mẹ́wàá (Ẹ̀rí 1).
5 Oṣù Kẹta: mo san ìdajì owó (Ẹ̀rí 2).
28 Oṣù Kẹrin: ó kó kọ́bọ́ọ̀dù dé, ó sì kàn án mọ́ ògiri.
2 Oṣù Karùn-ún: ilẹ̀kùn mẹ́rin kò padé, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i (Ẹ̀rí 3).
9 Oṣù Karùn-ún: ó fèsì pé ògiri ló wọ́ (Ẹ̀rí 4).

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ fi pamọ́, nítorí kò gbè wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́: “A gbà pé ilẹ̀kùn mẹ́rin kò padé. Ohun tí a kò gbà fún ara wa ni ìdí rẹ̀: ṣé iṣẹ́ ni àbí ògiri?” Onílàjà tó bá ka èyí lè ní kí wọ́n wọn ògiri náà kí ọjọ́ ìjókòó tó pé. Bí ẹ bá kọ “oníjìbìtì ni”, kò sí ohun tó lè fi ìyẹn ṣe. “Ilẹ̀kùn kẹta ṣẹ́ ku ìbú ìka kan kó padé” ni kí ẹ kọ.

Ẹ béèrè bóyá wọn yóò fún kápẹ́ńtà ní ẹ̀dà ìwé yín. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹnu ni kí ẹ fi sọ ìyẹn fún onílàjà nígbà tí ẹ̀yin méjì bá dá wà.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ ń bá fà á níwájú olùgbọ́ ẹ̀sùn ni, òun sábà máa ń wádìí, kó sì sọ ibi tó bá já sí. Ìlà kan yóò wọlé sí i níbẹ̀: ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àti ọjọ́ tó fún yín ní èsì ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ẹ̀sùn tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọjá, láti ọjọ́ èsì náà ni wọ́n sì sábà ń ka gbèdéke.