Wọ́n dá owó tẹ́tẹ́ tí mo jẹ padà sínú àkáǹtì mi lórí ìkànnì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ tẹ́tẹ́ lórí ìkànnì kan. Káàdì ìyàwó mi ni mo fi sanwó wọlé, torí pé tèmi kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n san owó tí mo jẹ sí báǹkì mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ "Pending" síbẹ̀, ó wá di "Rejected", owó sì padà sínú àkáǹtì mi níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́, "ẹ ṣe sùúrù" ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Káàdì ìyàwó yín ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òfin tó ń dènà fífọ owó burúkú mọ́ de àwọn oníléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Nítorí ẹ̀, wọ́n máa ń fẹ́ kí owó gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde, kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, káàdì àti báǹkì sì jẹ́ ti ẹnì kan náà. Kí owó wọlé lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó jáde sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí olè tó jí káàdì ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ẹ̀rù míì tún ń bà wọ́n: ìyàwó yín lè lọ sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun kò mọ̀ nípa owó náà, kí báǹkì sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti san èrè fún yín.

Ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ ìsanwó nínú àdéhùn ìkànnì náà kí ẹ tó kọ̀wé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé káàdì ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ yín kò lágbára púpọ̀: wọ́n lè dá owó tí ẹ fi wọlé padà sórí káàdì ìyàwó yín, kí wọ́n sì wọ́gi lé èrè náà. Àwọn míì máa ń gba ẹ̀rí, wọ́n á sì sanwó. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má purọ́ pé tiyín ni káàdì náà, ẹ má sì tún ìwé kankan ṣe. Ìwé ayédèrú ló ń ti àkáǹtì pa pátápátá.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ gba bónọ́ọ̀sì. Bí bónọ́ọ̀sì bá jẹ́ 100, tí àdéhùn sì ní kí ẹ ta á ní ìlọ́po 30, ẹ gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ tó tó 3,000 kí owó tó lè jáde.

Ní ti ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́, ẹni tó ń dá yín lóhùn kọ́ ló ń sanwó. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí sùúrù fi pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kó gbé ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Ẹ fi ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì kọ nǹkan báyìí:

"Ẹ kọ̀ láti san owó tí mo béèrè ní ọjọ́ báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Káàdì ìyàwó mi ni mo fi sanwó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìlà àdéhùn tí ẹ tẹ̀ lé fún mi, ẹ sọ ìwé tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn."

Bí wọ́n bá béèrè àwòrán káàdì, nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ni kó hàn. Ẹ bo àárín, kí ẹ sì bo nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà ni kí ẹ máa fèsì sí, torí pé bí ẹ bá ń ṣí tuntun lójoojúmọ́, ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò máa bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ orí ìkànnì lè pòórá, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó tì í.

Owó tó padà yẹn, ẹ má fi ta tẹ́tẹ́ rárá. Bí ẹ bá fi ta á tí ẹ sì pàdánù, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbà mọ́. Àwọn alábòójútó tẹ́tẹ́ ní Bìrìtéènì tilẹ̀ fòfin de àyè tí àwọn ìkànnì ń fún èèyàn láti fagi lé ìsanwó tó wà ní "Pending", kó sì padà fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ má ṣí àkáǹtì kejì náà, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn.

Bí ìdáhùn kò bá dé tàbí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé pé ẹ̀sùn gidi ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdáhùn ìkẹyìn lórí ìwé. Ní Bìrìtéènì, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ní láti yanjú rẹ̀ kí ẹ tó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Níbòmíràn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkànnì náà, ẹ ó rí orúkọ àjọ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ àti nọ́ńbà rẹ̀. Orí ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ nọ́ńbà yẹn wò, torí pé ẹnikẹ́ni lè lẹ àmì mọ́ ìsàlẹ̀ ìkànnì rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san "owó orí" tàbí owó ìṣíde kí owó yín tó lè jáde, gbájúẹ̀ ni wọ́n. Ẹ má san kọ́bọ̀ kún un, kí ìyàwó yín sì pe báǹkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an nípa káàdì yẹn.