Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi, kò fèsì: ṣé kí n tún kọ?

«Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo bẹ olùkọ́ mi àtijọ́ ní yunifásítì lórí Wọ́sáàpù pé kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹ̀kọ́ másításì. Ọjọ́ mẹ́fà rèé, àmì ti di búlúù, wọn ò fèsì. Ọjọ́ 23 ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Mi ò fẹ́ di ayọnilẹ́nu. Ọmọ yín, Ìbàdàn.»

Ọmọ mi, tún kọ, àmọ́ ní sùúrù ọjọ́ mẹ́rin sí i. Irú lẹ́tà yẹn ń fẹ́ kéèyàn jókòó, kó rántí rẹ, kó tó kọ ọ́. Tó o bá kọ ní ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ 19 á ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń tijú títí tó fi ku ọjọ́ méjì ló máa ń wá lé àgbàlagbà léré.

Má fi àmì búlúù yẹn dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ṣí i lọ. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni wọ́n ti ṣí i, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ogún mìíràn sì ti bò ó mọ́lẹ̀. (Èmi ti pa àmì yẹn lórí fóònù tèmi. Mo ń ka tiyín, ẹ kàn ò mọ̀ ni.)

Ohun tó wà nínú ìkejì ló ń sọ ọ́ di ìyọnilẹ́nu. «Ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni sà?» ti di ìbáwí nìyẹn. «Ẹ káàárọ̀ sà» lásán náà kò dáa. Ẹnì kan fi kí mi ní àárọ̀ méje léra wọn láìsọ ohun tó fẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo da ojú fóònù dé. Kọ báyìí:

«Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni Lágbájá tí ẹ bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Mo kọ̀wé sí yín lórí lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ọjọ́ báyìí ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Mo fi èsì ìdánwò mi àti àkópọ̀ iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ síbí, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ààyè ò bá sí sà, ẹ sọ fún mi, màá bẹ ẹlòmíràn.»

Má yọ gbólóhùn ìparí yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbà tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kì í lè sọ pé rárá. Wọ́n á kàn dákẹ́ ni. O ti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Tó bá jẹ́ pé yunifásítì tuntun yẹn ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n wo inú Spam. Ibẹ̀ ló sábà máa ń há sí.

Tí ọjọ́ márùn-ún bá tún kọjá, má kọ ìkẹta. Pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sán. Má gba ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn, má sì fèsì sábẹ́ sítátọ́ọ̀sì wọn. Bí wọn ò bá gbé e, ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà fún olùkọ́ kejì, ẹni tí ó yẹ kó o ti máa wá báyìí.