Dídákú orí ìlà, dídákú orí pápá

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 19, dákú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí ní Kàbbà níbí. Ìgbà àkọ́kọ́, orí ìlà ní báńkì ló wà, oòrùn sì mú. Ìgbà kejì, ó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì ní àárẹ̀ ni. Kí ni ká sọ fún dókítà?"

Ọkun o. Ti báńkì kò bà mí lẹ́rù tó ti bọ́ọ̀lù. Ẹ má jẹ́ kó tún gbá bọ́ọ̀lù títí dókítà á fi yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Èmi náà dákú dáadáa nígbà èwe mi. Bí mo bá dúró pẹ́ nínú ooru, tàbí tí mo rí abẹ́rẹ́, òógùn tútù á bò mí, èébì á máa gbé mi, ojú mi á ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ kí n tó ṣubú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbòòrò lójijì, tí ọkàn náà sì ń dẹ̀ lílù, ẹ̀jẹ̀ kò wá ní dé orí tó. Bí mo bá ti nà sílẹ̀, kì í pẹ́ tí mo fi ń jí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣi màmá mi lọ́nà. Mo ní, "Màámi, irú tèmi ni, ẹ máa mu omi." Bẹ́ẹ̀, orí àpótí ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí nígbà tó mú wọn! Kò sí òógùn, kò sí òòyì. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn tí wọ́n fi wó lulẹ̀. Awọ ojú wọn funfun bí eérú, nígbà tí wọ́n sì jí, ó pọ́n. Ilé ìwòsàn kan tọ́jú ibà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ará àdúgbò ní wárápá ni, torí pé ọwọ́ wọn gbọ̀n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ rẹ̀ lè gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di wárápá.

Àbúrò mi obìnrin ló là wá. Bí wọ́n ṣe tún ṣubú, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó fi aago kà á: 34 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, torí lọ́jọ́ yẹn ọkàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí àbúrò mi rí ló mú kí dókítà kan ní Ìlọrin so ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kiri fún wákàtí 24 mọ́ wọn láyà, òun ló sì rí i pé ọkàn ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ta ọkàn jí sí wọn lábẹ́ awọ àyà báyìí.

Nítorí náà, ẹ sọ ti báńkì àti ti bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún dókítà, ẹ má pa á pọ̀ sí "ó dákú lẹ́ẹ̀mejì." Ṣé ó ṣì ń sáré ni, àbí ó ti dúró? Ṣé àyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń já pì-pì-pì? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín kú lójijì ní kékeré, kódà kí ẹ ti sọ pé ayé ló ṣe é? Kí ló lò lọ́sẹ̀ yẹn? Àwọn oògùn ibà kan àti àwọn oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn lè da ìlù ọkàn rú, ẹ kó páálí wọn dání.

Bó bá tún ṣubú, ẹ má gbé e jókòó, ẹ má sì fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ wo aago. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ bó ṣe rí lẹ́yìn tó ṣubú. Ta ló sún mọ́ ọn jù lórí pápá lọ́jọ́ náà? Ẹ mú onítọ̀hún lọ.