Ẹ Gba Owó Kí Ẹ Tó Lọ Kó Ọjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti tọ́jú ₦400,000. Mo fẹ́ fi ra àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, kí n fi rán búbù tà n'Íbàdàn níbí. Gbogbo ẹni tí mo fi fótò hàn ló ní ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n á rà á lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti "ó dáa" yẹn sílẹ̀ ná. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti yin aṣọ, pàápàá ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Owó tó jáde lápò ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni kẹ́ ẹ máa kà.

Ẹ ra àdìrẹ tó máa tó búbù mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ rán wọn. Ká ní aṣọ, owó télọ̀ àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦14,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ tà á ní ₦20,000. ₦42,000 lẹ ti ná yẹn. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó lè wọ̀ ọ́, bíi tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ̀, ẹ sọ iye rẹ̀, kẹ́ ẹ wá dákẹ́.

Ẹni tó bá ń ná an sún mọ́ rírà ju ẹni tó ń yìn ín lọ. Ẹ kọ iye tó dúró sí sílẹ̀, kódà bí kò bá rà á. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá dúró sí ₦16,000, èrè yín kò ju ₦2,000 lọ, ẹ tún un rò.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn, ẹ ní kó san ₦14,000 sílẹ̀, kó san ìyókù tẹ́ ẹ bá gbé e dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí iye tó máa ná yín ni: owó oníbàárà lẹ máa fi rán an. Àwọn kan ò ní san án, torí ẹ̀rù gbájúẹ̀ ń bà wọ́n. Ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ lọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin ni wọn ò tíì fọkàn tán, kì í ṣe aṣọ. Àmọ́ "màá san tí oṣù bá parí", ẹ má kà á títí ẹ ó fi padà lọ lẹ́yìn tí owó oṣù bá wọlé.

Ní tèmi, bí èèyàn márùn-ún nínú ọgbọ̀n bá sanwó, ẹ lè tẹ̀síwájú. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ dúró. Ẹ má sì ṣe é nígbà Iléyà tàbí Kérésì, torí gbogbo aṣọ ló ń tà nígbà náà.

Bó bá yọrí sí rere pàápàá, ẹ má lọ kó búbù méjìdínlọ́gbọ̀n tí ₦400,000 lè rà. Ẹ rán ti àwọn tó sanwó, kẹ́ ẹ fi mẹ́rin lé e, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹnì kan nínú wọn á padà wá tàbí rán ẹlòmíì sí yín.