Ẹ má tíì tọrọ ẹ̀dínwó: ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tú bílì ọsibítù náà sí wẹ́wẹ́

Ìbéèrè: Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún àbúrò mi obìnrin ní ọsibítù aládàáni kan ní Bódìjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbé e lọ, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bílì rẹ̀ jẹ́ 418,000 náírà, a ti san 100,000 sílẹ̀. Wọ́n láwọn á yọ 20,000 fún wa. Báwo la ṣe lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún dín in kù, tí kò fi ní dà bíi pé à ń bá dókítà jà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé gbèsè náà tọ́, ẹ kò sì tíì mọ̀ bóyá ó tọ́. Bí ẹ bá gba 20,000 yẹn lónìí, akọ̀wé á kọ ẹ̀dínwó sí ìsàlẹ̀ ìwé, á ti bílì pa, á sì ṣòro láti tún un ṣí.

Ọ̀rọ̀ dókítà tí ẹ sọ yẹn gan-an ló ń kó àwọn èèyàn sí gbèsè. Wọ́n gbà pé dókítà ló ń ṣírò owó, pé béèyàn bá bèèrè, ó pe dókítà lólè nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì owó ló ń kọ bílì ní ọ̀pọ̀ ọsibítù. Inú fáìlì aláìsàn, ìwé tí fámásì fi ń já oògùn fún wọ́ọ̀dù, àti ìwé lábù ló ti ń kó iye jọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ kò tilẹ̀ rí àròpọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí ni kí ẹ lọ, ẹ sọ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tú bílì yìí sí wẹ́wẹ́: orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n lò, àti iye owó ọ̀kan.” Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tọdún 2014 sọ pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn jẹ́ kó mọ iye tí ìtọ́jú máa ná an. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 náà fi bílì tó ṣe kedere sínú ẹ̀tọ́ yín.

Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, káàdì jẹ́ 5,000, bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ mẹ́rin 40,000, iṣẹ́ abẹ 180,000, tíátà àti abẹ́rẹ́ akunnilóorun 60,000, oògùn àti díríìpù 86,000, ohun èlò 37,000, lábù 10,000. Àròpọ̀ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kí àròpọ̀ pé kò sọ pé ohun tí wọ́n rò pọ̀ tọ́.

Ìlà oògùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba aláìsàn, dókítà lè kọ abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Fámásì á já gbogbo rẹ̀ fún wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà, iye owó rẹ̀ á sì ti wọ ìwé. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí ara aláìsàn ti ń le, dókítà á ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, kó máa lo oògùn oníhóró. Nọ́ọ̀sì á dá a dúró lóòótọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù á wà nínú dúrọ́ọ̀ wọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún ọ́fíìsì owó. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá fẹ́ jalè kí ẹ tó san owó oògùn tí kò dé ara àbúrò yín.

Ìwé tó lè fi èyí hàn ni ṣáàtì oògùn, ìyẹn ìwé tí nọ́ọ̀sì ń buwọ́ lù ní gbogbo ìgbà tó bá fún aláìsàn lóògùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé abẹ́rẹ́ sẹfitiriasóònì ni wọ́n ń fún un ní wákàtí méjìlá-méjìlá, àti fílájìlì inú ìgò ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní kó bọ́ sórí oògùn oníhóró. Bí ẹ bá kà á, sẹfitiriasóònì jẹ́ mẹ́rin, fílájìlì jẹ́ ìgò mẹ́fà. Bí bílì tí wọ́n tú bá wá gbé mẹ́wàá àti ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n kọ yẹn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 3,500 àti 1,500, àlékún rẹ̀ jẹ́ 21,000 àti 13,500. Ẹ rí i pé 34,500 ti ju 20,000 tí wọ́n fẹ́ fi ṣàánú yín lọ.

Mi ò tíì rí ṣáàtì àbúrò yín, nítorí náà ẹ má gbé iye tèmi lọ bá wọn bí ẹni tó ti mú olè. Wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ gbé fáìlì jáde, ìyẹn kò burú. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kà á lójú akọ̀wé. Àbúrò yín fúnra rẹ̀ ni kó bèèrè, tàbí kó sọ fún wọn pé òun fún yín láṣẹ, torí àṣírí aláìsàn ni. Oògùn tí wọn ò tíì ṣí yẹ kó padà sí fámásì kí wọ́n yọ owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ṣí, ẹ máa sanwó rẹ̀.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, alẹ́ mẹ́ta ló sùn. Ọsibítù kan ń ka alẹ́, òmíràn ń ka ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde pọ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìlànà tiwọn. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń kà, 10,000 á kúrò. Ìlà tíátà ló kọ mí lóminú jù. Bí wọ́n bá ti dá iye kan lé iṣẹ́ abẹ yín látìbẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá tíátà àti akunnilóorun ti wà nínú 180,000 yẹn. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba 60,000. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ra ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ iṣẹ́ abẹ níta, ẹ mú rìsíìtì yín wá, ẹ fi wé ohun tí 37,000 náà dúró fún.

Tó bá jẹ́ pé ó ní ìbánigbófò NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló máa ń kan aláìsàn lórí ìtọ́jú tí ètò náà bò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó kọ bílì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ láti tú u, ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé sí ọ̀gá ọsibítù, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ̀dà yẹn lẹ máa fi kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà.

Tó bá jẹ́ oògùn àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ló yí padà, 418,000 á di 373,500. Ẹ rí i pé wọ́n yọ 100,000 tí ẹ ti san kúrò, kó ku 273,500. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá rán wọn létí 20,000 tí wọ́n ṣèlérí.