Back: "Ẹ̀yìn" ni àbí "Padà"?

*Ẹ jọ̀ọ́, áàpù eré ìdárayá kan ni mo ń túmọ̀ sí Yorùbá. Mo kọ "Ètò" fún Set, "Ilé" fún Home, "Ẹ̀yìn" fún Back. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò ní "Ẹ̀yìn" tọ̀nà níbì kan, kò tọ̀nà níbòmíì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́. Kí ló fà á? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn?*

Ẹni tó yẹ iṣẹ́ yín wò kò purọ́. Lójú ewé tí wọ́n ti ń yan ẹ̀yà ara tí èèyàn fẹ́ fún lókun, "Ẹ̀yìn" ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè lápá òsì, tí wọ́n ya ọfà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, "Padà" ni, torí pé ṣe ló ń gbé èèyàn padà síbi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá rí "Ẹ̀yìn" níbẹ̀ á dúró bi ara rẹ̀ pé ẹ̀yìn kí ni: ẹ̀yìn ilé ni àbí ẹ̀yìn ọ̀la? (Ẹ má sì kọ "Padà sẹ́yìn" o. Ẹni tí nǹkan ò lọ déédéé fún mọ́ la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.)

Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì kankan sára ọ̀rọ̀ kúkúrú láti fi hàn bóyá orúkọ ni tàbí ìṣe. Inú gbólóhùn ni ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń mọ̀ ọ́n, mẹ́nù kò sì ní gbólóhùn. Ojú fóònù kéré, nítorí náà àwọn tó kọ áàpù gé gbogbo ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká dànù, wọ́n wá fi iṣẹ́ rẹ̀ lé ọfà, àwòrán àti ibi tí bọ́tìnì wà lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo áàpù ń rí gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀, ọ̀rọ̀ kan gíńgín ni wọ́n kó fún yín. Yorùbá ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn dákẹ́ sí i: ètò yàtọ̀ sí ṣètò, ilé yàtọ̀ sí nílé, ẹ̀yìn kò sì bá padà tan rárá. Bí ẹ bá ti gbé kálàmù, ẹ ti yan ọ̀kan.

Set ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford tó jáde ní 1989, ìtumọ̀ tó lé ní 400 ni wọ́n tò sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun mìíràn tó ń dani láàmú ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó nínú irú áàpù tí ẹ mú dání yìí. Bí ẹ bá rí `Set 2 of 3`, ìdìde-ìdọ̀bálẹ̀ tí èèyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan kó tó sinmi ni wọ́n ń kà; "Abala 2 nínú 3" ni màá kọ. Bí Set bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Cancel` lẹ́yìn tí wọ́n ti yan aago ìránnilétí, àṣẹ ni: "Ṣètò". `Reminder set` kì í ṣe àṣẹ mọ́, ìròyìn ni: "A ti ṣètò ìránnilétí". `Not set` tó wà níwájú ìwọ̀n ara ẹni ń sọ pé onítọ̀hún kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀: "Kò tíì sí". Ẹ rí i pé kò sí èyí tí "Ètò" bá mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdí tí ẹ fi kọ Back lẹ́ẹ̀kan tó sì jáde níbi méjì wà nínú fáìlì tí wọ́n fún yín. Bó bá jẹ́ fáìlì `.po` ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i báyìí:

```
#: src/header.c:41
#: src/muscles.c:112
msgid "Back"
msgstr ""
```

`msgid` ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, `msgstr` sì ni ibi tí ẹ ń kọ ìtumọ̀ yín sí. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#:` ni ọ̀pọ̀ atúmọ̀ máa ń fò, òun gan-an ló sì níye lórí jù. Ó ń sọ fáìlì kóòdù tí ọ̀rọ̀ náà ti wá àti ìlà tó wà. Èyí tó wà lókè yìí ní méjì. Ẹ̀rọ tó kó ọ̀rọ̀ jọ rí Back níbi méjì, ó rí i pé lẹ́tà kan náà ni, ó bá pa wọ́n pọ̀ sójú kan. Gẹ̀ẹ́sì lè gbé e torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Yorùbá kò lè gbé e. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè kọ síbẹ̀ tí kò ní ba ibì kan jẹ́, nítorí náà ẹ má jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè lórí rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó kọ "Padà/Ẹ̀yìn" kó lè bọ́. Ìyẹn wá sọ ibi méjèèjì di àlọ́.

Ọwọ́ ẹni tó kọ kóòdù ni àtúnṣe wà, kò sì pọ̀. Níbi tó ti kọ `gettext("Back")` fún ẹ̀yà ara, kó kọ `pgettext("muscle", "Back")`; kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́tìnì náà pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá tún fáìlì yín ṣe, ohun tí ẹ máa rí rèé:

```
#: src/header.c:41
msgctxt "button"
msgid "Back"
msgstr "Padà"

#: src/muscles.c:112
msgctxt "muscle"
msgid "Back"
msgstr "Ẹ̀yìn"
```

Ìlà `msgctxt` ni ẹ̀rọ ń wò láti mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ẹ má túmọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń lo áàpù kò ní rí i. Bó bá jẹ́ fáìlì `strings.xml` ti Áńdírọ́ìdì ni wọ́n fún yín, ìdàpọ̀ yìí kì í wáyé níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ náà sì sábà máa ń tú àṣírí: `muscle_back` kò lè jẹ́ bọ́tìnì.

Bó bá wá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n tọ́ka sí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ fáìlì kóòdù yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ mẹ́nù dà bí èèyàn: àwọn tó ń bá a rìn ni wọ́n á sọ irú ẹni tó jẹ́. Home tó wà láàárín `Gym` àti `Outdoors` ń béèrè ibi tí èèyàn ti fẹ́ ṣeré ìdárayá, "Nílé" sì ni, kì í ṣe "Ilé". Home tó wà pẹ̀lú `Progress` àti `Profile` nísàlẹ̀ ojú fóònù kò ní ilé kankan nínú; ojú ewé tí áàpù fi ń kí èèyàn káàbọ̀ ni. Wikipédíà lédè Yorùbá ń pe tirẹ̀ ní "Ojúewé Àkọ́kọ́", ó sì dára. Àmọ́ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ fóònù kì í gba ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀, ó máa gé e ní àárín. "Ìbẹ̀rẹ̀" ni mo máa ń lò níbẹ̀.

Home yìí kan náà ti mú èmi gan-an rí. Áàpù ìkọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà ni, mo sì kọ "Ilé" láìwo ọ̀tún wo òsì. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú ewé ìrànlọ́wọ́ ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n "tẹ Ilé" bí wọ́n bá fẹ́ lọ síbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bọ́tìnì orí kíbọọ̀dù ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e nínú fáìlì ni `End`, `Page Up` àti `Delete`, wọ́n tò lọ gbọọrọ níwájú mi, mi ò kà wọ́n. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára kíbọọ̀dù kì í yí padà nítorí pé a yí èdè padà, nítorí náà Home ni mo yẹ kí n fi sílẹ̀, kí èèyàn lè rí ohun tó ń wá.

Àmì kékeré pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. `_Back` tàbí `&Back` túmọ̀ sí pé nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀ ni, torí àmì yẹn ló ń fi ìlà sábẹ́ lẹ́tà kan fún ẹni tó ń fi kíbọọ̀dù yan nǹkan nínú mẹ́nù. `Set…` tó ní àmì ìdánudúró mẹ́ta ń sọ pé fèrèsé kan á ṣí láti béèrè nǹkan sí i, àṣẹ ni nìyẹn. Bó bá jẹ́ `Set:` ni, àkọlé ohun tó tẹ̀ lé e ni, orúkọ ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ tún lè wo fáìlì èdè míì nínú iṣẹ́ kan náà. Lédè Jámánì, `Zurück` ni padà, `Rücken` sì ni ẹ̀yìn èèyàn. Ẹ ò nílò láti gbọ́ Jámánì kí ẹ tó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kìkì pé kí ẹ wo tó èdè méjì mẹ́ta, nítorí ẹni tó túmọ̀ sí Jámánì lè ti méfò bíi tiyín.

Bí gbogbo ìyẹn bá pòfo, ọgbọ́n kan ṣẹ́kù tí kì í kùnà bí ẹ bá lè gbé áàpù náà ṣiṣẹ́. Ẹ kọ nǹkan tí kò sí níbòmíì sí `msgstr`, bíi "Padà@1", kí ẹ wá fi àṣẹ yìí sọ fáìlì `yo.po` yín di `yo.mo`, èyí tí áàpù lè kà:

```
msgfmt -o yo.mo yo.po
```

Ẹ fi `yo.mo` náà síbi tí áàpù ti ń ka ti Yorùbá, kí ẹ ṣí áàpù, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kiri títí ẹ ó fi rí "@1". Ibi tó bá ti yọjú, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbi méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi han ẹni tó kọ kóòdù.

Kó tó dá yín lóhùn, ẹ fi `msgstr ""` sílẹ̀ lófìfo. Bó bá ṣófo, Back ti Gẹ̀ẹ́sì ni áàpù máa gbé jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì mọ ohun tó ń ṣe. "Ẹ̀yìn" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà kò ní yé ẹnikẹ́ni.